Táìmùtébù Hísítìrì tí èmi àti àbúrò mi jọ ṣe kí Jámbù tó dé

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni, ọmọ àbúrò mọ́mì mi, tí mò ń pè ní àbúrò mi torí ilé wa ló ti ń gbé láti kékeré, gbé ìwé kan wá bá mi ní páálọ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, mo ti ṣe táìmùtébù Hísítìrì mi." Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i dáadáa, báírò aláwọ̀ mẹ́rin ló fi kọ ọ́. Mọ́ńdè, Nàìjíríà títí di 1800. Túsìdeè, 1800 sí 1900. Wẹ́sìdeè, 1900 sí 1960. Tọ́sìdeè, lẹ́yìn òmìnira. Fúráìdeè, Áfíríkà àti àgbáyé láti 1800. Bí Jámbù ṣe pín sílábọ́ọ̀sì náà sí ọ̀nà márùn-ún ló ṣe kó o sí ọjọ́ márùn-ún, tí ọ̀sẹ̀ bá yí po, á tún bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè.

Mo wò ó títí, àyà mi já díẹ̀, torí irú ẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe nígbà tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Nok, mo lọ sí Ifẹ̀, mo lọ sí Benin, mo lọ sí Kànẹ́mù àti Bọ̀rnú, ibi tí mo bá sì ti dúró nítorí àìsàn tàbí iṣẹ́ ilé, dípò kí n tẹ̀síwájú, ṣe ni mo máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n lè tún un kà kó dára. Nígbà tí mo fi máa wọ họ́ọ̀lù ìdánwò, ìwé mi ti gbó níwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń dán bíi tuntun. Wọ́n bi mí nípa Mfekane, àwọn ogun tó tú àwọn èèyàn ká ní gúúsù Áfíríkà láyé Ṣáká ọba Súlù, mo ń wo skríìnì bí ẹni tó ń wo èdè Ṣáínà. Mi ò fẹ́ kí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ní kó ṣe ni pé kó gbé táìmùtébù yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ó ní páàsì kúẹ́ṣọ̀n lọ́wọ́, mo ní kó mú ogójì ìbéèrè nínú ẹ̀, torí iye tí Jámbù ń bi èèyàn lórí Hísítìrì nìyẹn, kó dáhùn ẹ̀ láìṣí ìwé níwájú ẹ̀, kó má sì sọ fún mi pé òun ò tíì ka ibì kan. Ó ṣe é. Mọ́kànlélógún ló gbà, mọ́kàndínlógún ló kùnà. Ojú ẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mọ́kàndínlógún tó kùnà yìí gan-an la máa fi ṣe táìmùtébù, iye tó gbà ò wúlò fún wa lónìí. A wá ń fi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó kùnà sí abẹ́ ọ̀nà tó ti wá: méjì láti ìgbà tó ṣáájú 1800, mẹ́rin láti 1800 sí 1900, mẹ́fà láti 1900 sí 1960, méjì láti ìgbà òmìnira, márùn-ún láti Áfíríkà. Ẹ rí i pé táìmùtébù tó kọ́kọ́ ṣe yẹn ń fún Nok àti Ifẹ̀ tó ti mọ̀ ní ọjọ́ kan gbáko, ó sì ń fún ibi tó ti kùnà mẹ́fà ní ọjọ́ kan náà.

A ò wá dúró síbẹ̀ o. Mo ní kó tún wo ìkùnà kọ̀ọ̀kan kó sọ fún mi, ṣé kò mọ̀ ọ́n rárá ni àbí ó mọ̀ ọ́n àmọ́ ó dà á pọ̀ mọ́ nǹkan míì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Márùn-ún tó kùnà nínú Áfíríkà, kò mọ̀ wọ́n rárá, kò tíì kà á. Ṣùgbọ́n mẹ́fà ti 1900 sí 1960, márùn-ún nínú ẹ̀ ló jẹ́ àwọn kọ́nsítítúṣọ̀n, ti Kílífọ́ọ̀dù ní 1922, ti Rísáàdì ní 1946, ti Makifásìn ní 1951 àti ti Lítútìn ní 1954. Ó ti ka gbogbo ẹ̀, ó tún fi àmì sí i nínú ìwé, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti bi í pé èwo ló kọ́kọ́ mú Àríwá àti Gúúsù jókòó pọ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, á mú Makifásìn. Ohun téèyàn ò mọ̀ rárá, kíkà ló ń fẹ́. Ohun téèyàn ń dà pọ̀, téèyàn bá tún kà á bó ṣe kà á tẹ́lẹ̀, ṣe láá tún dà á pọ̀ sí i. Nítorí náà àwọn méjèèjì ò lè gba irú àyè kan náà lórí táìmùtébù.

Ó yá, àyè mélòó la wá ní? Ọmọ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, Gọ́fúmẹ́ǹtì àti Lítíréṣọ̀ láti kà pẹ̀lú, ó sì máa ń bá mọ́mì ẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé, torí náà kò sí pé à ń tan ara wa. Hísítìrì rí àádọ́ta ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè títí dé Tọ́sìdeè, a fi ti Fúráìdeè sílẹ̀ lófìfo, a ò kọ nǹkan kan sí i, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè sì wà fún ìbéèrè àti fún ṣíṣe táìmùtébù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bínú sí Fúráìdeè òfìfo yẹn. Ó ní ṣe la ń fi àyè ṣòfò. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó jẹ́ ká wò ó títí ọ̀sẹ̀ kejì.

Nǹkan tó pẹ́ wa jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ohun tá a máa kọ sínú àyè kọ̀ọ̀kan. Tó o bá kọ "1800 sí 1900" sí ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ìwọ náà wo ohun tó wà níbẹ̀: jìhádì Ṣókótó, ìṣubú Ọ̀yọ́, gbogbo ogun ilẹ̀ Yorùbá, àwọn míṣọ́nnárì, òwò epo pupa ní ìlú àwọn Ijaw, bí òyìnbó ṣe gba Èkó. Kò sẹ́ni tó lè kà á tán ní àádọ́ta ìṣẹ́jú, nítorí náà èèyàn á ka ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, á sùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún ka ojú ìwé mẹ́wàá kan náà. Mo wá ní kó má kọ orúkọ tọ́píìkì mọ́, ìbéèrè ni kó kọ síbẹ̀, ìbéèrè kan tí àádọ́ta ìṣẹ́jú lè gbé. "Kí ló dé tí Kúrunmí ò fi gba Adélù ní Aláàfin, kí ló sì gbẹ̀yìn ẹ̀?" Èyí ṣeé kà tán lálẹ́ kan. Tó o bá sì parí, o máa mọ̀ bóyá o parí, torí bóyá o lè dáhùn ẹ̀ àbí o ò lè dáhùn ẹ̀, kò sí àárín méjì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wá rí báyìí. Mọ́ńdè: báwo ni jìhádì tí Úsmánù Dan Fódíò bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ṣe di ìjọba, ta ló sì gbé irú ẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn? Túsìdeè: kí ni Kílífọ́ọ̀dù fún àwọn èèyàn ní 1922, ta ni kò sì fún? Wẹ́sìdeè: Kúrunmí àti Adélù. Tọ́sìdeè: kí ló ń bí àwọn èèyàn nínú sí kọ́nsítítúṣọ̀n Rísáàdì?

Ẹ máa rí i pé kò tẹ̀lé ara wọn bí ìwé ṣe tò ó. Okùn méjì la jọ ń fà, ọ̀kan ní Mọ́ńdè àti Wẹ́sìdeè, èkejì ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Okùn àkọ́kọ́ ni ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mo sì mú jìhádì ṣáájú torí ó ń pa ẹyẹ méjì fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wà nínú Nàìjíríà 1800 sí 1900, ó tún wà nínú ọ̀nà karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè nípa àwọn tó fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù dá ìjọba sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Úmárù Táàlì tó dá ìjọba Tùkúlọ̀ sílẹ̀, nígbà tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà, Ṣókótó ló yà sí, ó gbé níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan lọ́dọ̀ Mohammed Bello ọmọ Dan Fódíò, ó tiẹ̀ fẹ́ ọmọ Bello, ẹ̀yìn ikú Bello ní 1837 ló kúrò níbẹ̀, 1852 ló sì bẹ̀rẹ̀ jìhádì tiẹ̀. Ọmọ tó ti ka Ṣókótó tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù kó tó mọ Úmárù Táàlì. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá wà ní Túsìdeè tí èkejì wà ní Fúráìdeè, àlejò méjì tí ò mọra wọn ni wọ́n.

Bá a ṣe ń lo àádọ́ta ìṣẹ́jú náà nìyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìwé wà ní pípadé, kó mú tákàdá òfìfo kan kó kọ gbogbo ohun tó rántí nípa ìbéèrè tá a kà kẹ́yìn lórí okùn kan náà, ìyẹn ni pé Wẹ́sìdeè á kọ ti Mọ́ńdè, Tọ́sìdeè á kọ ti Túsìdeè. Lẹ́yìn náà ló máa ṣí ìwé kó fi báírò pupa kọ ohun tó gbàgbé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kíka ìbéèrè tuntun. Mẹ́wàá tó kù, ìbéèrè Jámbù bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí ohun tó kà. Báírò pupa yẹn ló ń sọ òótọ́ fún wa. Tí pupa bá ti pọ̀ ju búlúù lọ, ìbéèrè yẹn ò tíì wọlé, ó máa padà sí táìmùtébù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Mi ò lè gbàgbé ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè yẹn. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mò ń lọ aṣọ. Ó ka bí Aláàfin Àtìbà ṣe kú ní 1859, tí Adélù ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ Àrẹ̀mọ gorí oyè, bẹ́ẹ̀ àṣà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni pé Àrẹ̀mọ máa ń bá bàbá ẹ̀ kú ni. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ní òun ò gbà, àṣà ni àṣà. Ìbàdàn ní àwọn gbà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè, wọ́n jà á títí Ìjàyè fi tú ní 1862. Mo wá ní kó kọ ọdún tí Dòsùnmú fi Èkó lé òyìnbó lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó kọ 1861. Ó gbé báírò sílẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀ ń sọ pé àkókò kan náà ni?"

Mo ní àkókò kan náà ni.

"Ìgbà tí Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ń para wọn nítorí Ìjàyè ni òyìnbó ń gba Èkó?"

Ó ti ka méjèèjì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú ìwé ẹ̀, ogun Yorùbá ní orí kan, ìjọba òyìnbó ní orí míì, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Látìgbà yẹn ló ti ń ṣe é fúnra ẹ̀, tó bá ti rí ọdún kan, á béèrè pé kí ló tún ń ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Òun ló sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé ìpàdé Bálíìnì tí àwọn òyìnbó ti fi òfin sí bí wọ́n á ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà, 1884 sí 1885, àárín ogun Kírìjì ló bọ́ sí, torí Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Inú mi dùn débi pé mo pe mọ́mì wá pé kí wọ́n wá gbọ́.

Okùn kejì, ti kọ́nsítítúṣọ̀n, ìyẹn ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé nǹkan tó jọra wọn, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lálẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó wá dà wọ́n jọ láti fi ìyàtọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí Kílífọ́ọ̀dù fi dá wà ní Túsìdeè: àyè mẹ́rin péré fún àwọn tí wọ́n dìbò yàn, mẹ́ta l'Ékòó, ọ̀kan ní Kàlàbá, Àríwá ò sí nínú ìgbìmọ̀ yẹn rárá, ìbò yẹn ló sì mú kí Herbert Macaulay àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923. Rísáàdì dá wà ní Tọ́sìdeè: ó kó Àríwá mọ́ra, ó pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn mẹ́ta tí kálukú ní ilé ìgbìmọ̀ tiẹ̀, àmọ́ kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn aráàlú kó tó ṣe é, àyè tí wọ́n ń dìbò sí ò sì kúrò ní mẹ́rin yẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Makifásìn tó ṣe òdìkejì, tó jẹ́ kí wọ́n jíròrò ẹ̀ láti abúlé títí dé ìpàdé ńlá Ìbàdàn ní 1950, lẹ́yìn náà ni Lítútìn tó sọ wá di fẹ́dẹ́rà gan-an. Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e la wá kọ òtítọ́ mẹ́rìnlá sórí páálí kéékèèké láìkọ orúkọ ẹnì kankan sí i, a dà wọ́n rú, ó wá ń tò wọ́n sí abẹ́ ọdún mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣi márùn-ún. Ìgbà kejì, méjì. Èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni Lítútìn, torí ó rò pé gómìnà ni gbogbo wọn. Lítútìn kì í ṣe gómìnà Nàìjíríà láéláé, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àmúsìn ní Lọ́ńdọ̀nù ni, Makifásìn ló ṣì wà níbí ní 1954. Ìbéèrè tó fẹ́ gbá èèyàn ṣubú, ibẹ̀ ló máa ń fara pamọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá mọ ìdí Fúráìdeè. Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, Nẹ́pà mú iná lọ, fóònù ẹ̀ ti kú, àǹtí kan tún wá kí wa tó jókòó di aago mẹ́wàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí i tó ń pa táìmùtébù rẹ́, ó fẹ́ ti Wẹ́sìdeè sí Tọ́sìdeè, ti Tọ́sìdeè sí Mọ́ńdè, gbogbo ẹ̀ á máa sún lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, Fúráìdeè ló ń lọ, ohun tó kù ò gbọdọ̀ mì. Tí méjì bá bọ́ lọ́sẹ̀ kan, Fúráìdeè á gbé ọ̀kan, èkejì á wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á gba ipò ohun tó mọ̀ jù. Ohun tó ń pa táìmùtébù ni sísún yẹn, tó o bá ti sún ọjọ́ kan, o sún gbogbo ọ̀sẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kò ní rí ẹni kà wọ́n, Áfíríkà sì ló máa ń wà lẹ́yìn.

Áfíríkà yìí tún fa ọ̀rọ̀ kan. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin mo gbé gbogbo táìmùtébù tá a ti ṣe sílẹ̀ mo ń wo ohun tó ń lọ sí Fúráìdeè. Lẹ́ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin, Áfíríkà ni. Ìjíbítì ìgbà Mohammed Alí lọ sí Fúráìdeè, Menelik ọba Ethiopia àti ogun Ádúwà ti 1896 lọ sí Fúráìdeè. Kì í ṣe Nẹ́pà mọ́ nìyẹn. Mi ò bá a wí, mo kàn fi hàn án, ó sì sọ òótọ́ fún mi pé àwọn orúkọ ibẹ̀ ń dẹ́rù ba òun, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, òun ò mọ ibi tó wà. A ya máàpù Áfíríkà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kò sí ẹni tó máa ka nǹkan kan nípa Áfíríkà láì kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ibẹ̀. A sì gbé e kúrò ní Tọ́sìdeè, tó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, a gbé e sí Mọ́ńdè.

Ohun tó bá sì ti wọlé, a ò kàn fi sílẹ̀. Ó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tákàdá òfìfo, ó ń padà ní Sọ́ńdè nínú àdàlù ìbéèrè ogún, á tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló máa ń dùn ún jù, torí ohun tó rò pé òun ti mọ̀ tán ló máa ń rí i pé ìdajì ti lọ. Mo sọ fún un pé kó má bẹ̀rù ẹ̀, ìdajì tó lọ yẹn ò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó padà.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí ìdánwò tó dé, a ti fẹnu kò pé kò ní sí ìbéèrè tuntun rárá. Ogójì ìbéèrè ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú aago. Ọgọ́sàn-án ìbéèrè ni gbogbo ẹ̀ ní wákàtí méjì tí èèyàn bá ka sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìyẹn bíi ogójì sẹ́kọ́ǹdì fún ìbéèrè kan, nítorí náà Hísítìrì ò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ti Wáẹ̀kì ni mi ò tíì fi ọkàn sí, ìyẹn ń fẹ́ kéèyàn jókòó kọ èsé, tákàdá òfìfo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tó o, a máa wá àyè ọ̀tọ̀ fún un tí Jámbù bá kọjá.

Sọ́ńdè tó kọjá, ó tún dáhùn ogójì míì. Mọ́kànlá ló kùnà. Ti kọ́nsítítúṣọ̀n ku ọ̀kan, ti Áfíríkà ṣì jẹ́ mẹ́rin, ti 1800 sí 1900 jẹ́ méjì. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ìgbà òmìnira, tó jẹ́ méjì tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́rin, ó da ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù kìíní 1966 pọ̀ mọ́ ti oṣù keje, ó sì gbé ìpàdé Aburi tí Gowon àti Ojukwu ṣe sí ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n kéde Biafra. Torí pé ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀rẹ̀, a ti fún un ní àyè tó kéré jù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ẹ̀bi mi nìyẹn, èmi ni mo ní ká fi sílẹ̀. A ti fi í sí Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yìí.

Mi ò bá a ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí o, òun ló dá a ṣe, báírò búlúù kan ṣoṣo ló lò, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi parí ẹ̀. Nígbà tó lọ sùn ni mo lọ wò ó lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù. Mọ́ńdè, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "1828 ni wọ́n pa Ṣáká. Kí ló dé tí Mfekane ò fi dúró?"